Kámà Kì Í Ṣe Ìyà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìṣe àti Èso Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ náà kámà ti di ọ̀rọ̀ ẹnu wa báyìí. Bí awakọ̀ kan bá fi ìwàǹwára já wọ iwájú ọkọ̀ ẹlòmíràn, tó sì kó sí gọ́tà kó tó dé ìkóríta, a ó ní kámà ti mú un. Bí ìyàwó ilé tó ń fojú ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbolẹ̀ bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ó sọ. Ẹ̀san ni ohun tí a ní lọ́kàn nígbà náà, ìyẹn ni pé ẹnìkan tàbí agbára kan ń ṣọ́ni, ó ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń fi ìyà san án nígbà tó bá yá. Àwọn ẹ̀sìn ilẹ̀ Íńdíà tí kámà ti jáde wá kò ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ Búdà ni mo gùn lé jù nínú àwọn ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí, nítorí pé òun ló dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí tààrà jù lọ, ṣùgbọ́n n ó máa fi í wé ti àwọn Híńdù àti ti àwọn ẹlẹ́sìn Jéènì níbi tó bá yẹ.

Kí ni àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kámà pè é?

Ìṣe ni wọ́n pè é, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn ìwé ẹ̀sìn tó pẹ́ jù lọ ní Íńdíà, ìṣe tí wọ́n sábà ń tọ́ka sí ni ìrúbọ tí àlùfáà ṣe ní ìlànà tó péye. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà gbòòrò dé orí gbogbo ìwà ènìyàn, a sì lè rí ibi tí ìyípadà yìí ti ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní Ùpáníṣádì.

Nínú ọ̀kan nínú wọn, ní ààfin Ọba Jánákà ti ilẹ̀ Fídéhà, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Átábágà dojú ìbéèrè kọ amòye Yájínáfákíyà. Ó ní bí ènìyàn bá kú, tí ohùn rẹ̀ wọ inú iná lọ, tí èémí rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ, tí ojú rẹ̀ padà sọ́dọ̀ oòrùn, tí ara rẹ̀ sì di erùpẹ̀, níbo ni ẹni náà fúnra rẹ̀ wà? Yájínáfákíyà kò dá a lóhùn lójú àwùjọ. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń sọ láàárín ọ̀pọ̀ èrò, àwọn méjèèjì sì jáde. Ìwé náà sọ fún wa pé kámà ni wọ́n jọ sọ níbẹ̀, pé nípa ìṣe rere ni ènìyàn fi ń di ẹni rere, nípa ìṣe búburú sì ni ó fi ń di ẹni búburú. Ẹ kíyè sí i pé ìwé náà kò sọ pé wọ́n ń san án fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́. Ohun tí ènìyàn ń dà ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí, ìṣe rẹ̀ ló sì ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ta wá ni adájọ́?

Lójú àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti ti Jéènì, kò sí adájọ́ kankan. Àwọn Jéènì ní kámà jẹ́ ohun gidi kan, tó kúnná ju eruku lọ, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀mí nígbà tí ìbínú, ìgbéraga, ẹ̀tàn tàbí ojúkòkòrò bá gba ènìyàn lọ́kàn. Títí ohun náà yóò fi gbọ̀n dànù, ẹ̀mí kò lè gòkè. Ẹnikẹ́ni kò rán an sí ènìyàn.

Àárín àwọn Híńdù ni ọ̀rọ̀ yìí ti pín sí méjì. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní Mìmáńsà gbà pé ìrúbọ tí ènìyàn ṣe lónìí ń bí agbára kan tí ojú kò rí, agbára náà ló sì ń so èso lọ́la láìsí pé ọlọ́run kan dá sí i. Àwọn onímọ̀ Fẹ̀dáńtà kò fara mọ́ èyí, wọ́n ní ìṣe kò ní làákàyè, nítorí náà Ọlọ́run ló ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní èso ìṣe rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn náà tẹnu mọ́ ọn pé Ọlọ́run kì í ṣe ojúsàájú, kì í sì í bínú sí ẹnikẹ́ni: ohun tí ènìyàn ṣe ló ń tẹ̀ lé. Ibi tó sún mọ́ èrò ìdájọ́ jù nìyí nínú gbogbo wọn, kódà níbẹ̀, inú tó ń bí onídàájọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bí kò bá sí adájọ́, báwo ni ìṣe ṣe ń so èso?

Ìdáhùn Búdà lórí èyí ni mo rò pé ó yẹ kí a farabalẹ̀ gbọ́. Ó sọ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé èrò tí ọkàn pinnu ni òun ń pè ní kámà, nítorí pé lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti pinnu ni ó ń fi ara, ẹnu tàbí ọkàn ṣe nǹkan. Èyí túmọ̀ sí pé kámà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ tó gbé, inú ẹni tó ṣe nǹkan gan-an ni ó sì ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá ọlọ́jà kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìsàlẹ̀ kọ́ńgò rẹ̀ wọnú kí gààrí tó ń wọ̀n fún oníbàárà lè dín kù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àyà rẹ̀ ń já. Nígbà tó bá di oṣù kẹta, kò tún já mọ́, ó ti di àṣà. Kò pẹ́ tí yóò fi máa fura pé gbogbo ẹni tó ń wọ̀n nǹkan fún òun náà ń rẹ́ òun jẹ, kò ní lè ra epo kó máà ṣàríyànjiyàn, oníbàárà tó ti wọ̀n gààrí náà wò nílé kò sì ní padà wá. Kò sí ẹni tó dá a lẹ́jọ́ nínú gbogbo èyí. Ìpinnu ọjọ́ àkọ́kọ́ ló mú ti ọjọ́ kejì rọrùn, tó yí ojú tó fi ń wo ènìyàn padà, tó sì yí ojú tí ènìyàn fi ń wò ó padà pẹ̀lú. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gbà pé okùn yìí kò já nígbà tí ara bá kú, pé ó ń bá a lọ wọ inú ayé mìíràn. Ẹni tí kò gba àtúnwáyé gbọ́ yóò dúró níbi ikú, ṣùgbọ́n bí okùn náà ṣe so mọ́ra kò yàtọ̀.

Bí ènìyàn bá ṣe ibi láìmọ̀ ńkọ́?

Àwọn alálàyé ìwé Búdà sọ ìtàn alàgbà kan tó fọ́jú, Ṣákúpálà lorúkọ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, alàgbà náà ń rìn lọ rìn bọ̀ níbi tó ti máa ń ṣe àṣàrò, àwọn kòkòrò tí òjò lé jáde sì kú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn mọ́ńkì àlejò, ìyẹn àwọn tó fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, rí òkú kòkòrò nílẹ̀, wọ́n sì lọ fẹjọ́ sùn. Búdà bi wọ́n pé ṣé wọ́n rí i nígbà tó ń pa wọ́n. Wọ́n ní rárá. Ó ní gẹ́gẹ́ bí ẹ kò ṣe rí i náà ni òun náà kò ṣe rí àwọn kòkòrò náà, kò sì ní èrò láti pa ohunkóhun. Bí èrò kò bá ti sí níbẹ̀, kámà ìpànìyàn tàbí ìpakòkòrò kò sí níbẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́sìn Jéènì le ju èyí lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, àìkíyèsára náà ní ẹrù tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí mọ́ńkì wọn fi ń fi ìgbálẹ̀ múlọ́múlọ́ gbá ibi tó fẹ́ jókòó sí, tí àwọn kan nínú wọn sì ń fi aṣọ bo ẹnu kí wọ́n má baà ṣe kòkòrò léṣe.

Ṣé gbogbo ìyà tó ń jẹ ènìyàn ni kámà fà?

Ìbéèrè yìí ni àṣìṣe tó burú jù lọ ti ń wọlé. Ní oṣù kìíní ọdún 1999, Glenn Hoddle, tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, bá ìwé ìròyìn kan sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ni pé ó ní ó nídìí tí wọ́n fi bí àwọn kan ní aláàbọ̀ ara, pé kámà ìgbésí ayé mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Hoddle ṣàlàyé pé wọ́n ṣi òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dun àwọn aláàbọ̀ ara wọ egungun, nígbà tó sì fi di ọjọ́ kejì oṣù kejì, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ ìròyìn náà gbà pé ohun tí ẹ̀kọ́ kámà sọ gan-an nìyẹn, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ kórìíra ẹ̀kọ́ náà.

Ẹnìkan ti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá síwájú Búdà rí. Alárìnkiri kan tó ń jẹ́ Sífákà bá a nílùú Rájágáhà, ó ní àwọn olùkọ́ kan ń sọ pé ohun gbogbo tí ènìyàn ń rí lára, ì báà jẹ́ adùn tàbí ìrora, ohun tó ti ṣe sẹ́yìn ló fà á. Kí ni Búdà rí sí i? Búdà dá a lóhùn bí oníṣègùn ìgbà náà ṣe ń dáhùn. Ó ní ìrora mìíràn wà tí òróòro ń fà, òmíràn ti ọwọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá, òmíràn ti ọwọ́ afẹ́fẹ́ inú ara, òmíràn láti inú àpapọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tún wà tó jẹ́ pé ìyípadà ojú ọjọ́ ló fà á, tàbí kí ènìyàn máà tọ́jú ara rẹ̀ bó ti yẹ, tàbí kí wọ́n kọlù ú. Ẹ̀yìn gbogbo ìwọ̀nyí, ní ipò kẹjọ, ni ó tó dárúkọ èso kámà. Ó fi kún un pé ènìyàn lè fi ara rẹ̀ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, gbogbo ayé sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn olùkọ́ tó ń di ohun gbogbo ru ìṣe àtẹ̀yìnwá ti kọjá ohun tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì ti ṣàṣìṣe.

A kò gbọ́dọ̀ di ètò ìṣègùn ayé àtijọ́ yẹn mú bí ẹni pé òun ni kókó. Kókó ibẹ̀ ni pé kámà jẹ́ okùnfà kan láàárín ọ̀pọ̀, àti pé ẹni tí ibà ń ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ẹ̀fọn. Àwọn alálàyé tó dé lẹ́yìn náà ka ètò márùn-ún tí nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀ láyé: ti ooru àti ojú ọjọ́, ti irúgbìn, ti kámà, ti bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ti bí ohun gbogbo ṣe rí látilẹ̀wá. Nínú márààrún, ọ̀kan ṣoṣo ni kámà.

Níbòmíràn Búdà tún sọ ìdí mìíràn tí èrò yẹn fi léwu. Ó ní bó bá jẹ́ ìṣe àtẹ̀yìnwá ló fa ohun gbogbo, a jẹ́ pé ìṣe àtẹ̀yìnwá náà ló sọ apànìyàn di apànìyàn, òun ló sì sọ olè di olè. Kò wá sí ohun tó kù fún ènìyàn láti yàn, ọ̀rọ̀ pé kí ó ṣe èyí kí ó má ṣe tọ̀hún kò sì ní ìtumọ̀ mọ́. Èrò tó yẹ kó mú ènìyàn dáhùn fún ìwà rẹ̀ yóò wá di ohun tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìdáhùn.

Àmọ́ ṣé kì í ṣe ìwé wọn fúnra wọn ló sọ pé apànìyàn yóò ní ẹ̀mí kúkúrú?

Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Súbà béèrè ìdí tí ẹ̀mí àwọn kan fi ń gùn tí ti àwọn mìíràn kì í gùn, tí àwọn kan fi lówó tí àwọn mìíràn tòṣì. Búdà sọ fún un pé ìpànìyàn máa ń yọrí sí ẹ̀mí kúkúrú, ìbínú máa ń yọrí sí àìlẹ́wà, ahun sì máa ń yọrí sí òṣì. Nínú ìtàn Ṣákúpálà pàápàá, wọ́n sọ níkẹyìn pé ó ti jẹ́ oníṣègùn ojú ní ayé mìíràn tó ti gbé ṣáájú, tó mọ̀ọ́mọ̀ fún obìnrin kan tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ ní oògùn tó fọ́ ọ lójú.

Ohun tí àwọn tó ń ka ibẹ̀ kì í sábà ṣe ni kí wọ́n ka èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀rọ̀ kejì, Búdà ní ẹnìkan lè pa ènìyàn láyé yìí kí ó sì dé ibi ayọ̀ lẹ́yìn ikú, nítorí ìṣe rere kan tó wà ṣáájú tàbí tó dé lẹ́yìn, tàbí nítorí bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí nígbà tó ń kú lọ. Ó bá àwọn tó rí ẹyọ kan tí wọ́n sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe rí wí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ náà gbà wá láyè láti rìn, láti orí ìṣe lọ síbi èso. Kò gbà wá láyè láti rí ẹni tó fọ́jú kí a sì padà sẹ́yìn lọ hú ẹ̀ṣẹ̀ jáde fún un. Búdà ka bí èso kámà ṣe ń jáde gẹ́lẹ́ mọ́ ohun mẹ́rin tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ máa fi orí wá, pé ẹni tó bá fẹ́ rò ó dópin yóò ya wèrè. Nítorí náà bí ìwé bá tiẹ̀ sọ ohun tó wà lẹ́yìn ìfọ́jú Ṣákúpálà, ẹnu Búdà nìkan ni wọ́n fi í sí. Èmi àti ẹ̀yin kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ẹni méjì fi lè ṣe ohun kan náà kí èso rẹ̀ má dọ́gba?

Ibí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kámà àti ìyà ti hàn jù. Ilé ẹjọ́ tó dára a máa fún ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ní ìyà kan náà. Búdà ní kámà kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì fi òkúta iyọ̀ ṣàpẹẹrẹ. Bí ènìyàn bá ju òkúta iyọ̀ kan sínú ife omi kékeré, omi náà kò ní ṣeé mu mọ́. Bí ó bá ju òkúta iyọ̀ kan náà sínú odò Gáńgà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Iyọ̀ náà kò dín kù. Omi tó bọ́ sí ni kò dọ́gba.

Lọ́nà kan náà, ibi kékeré tí ẹni tí kò tọ́jú ìwà àti ọkàn rẹ̀ ṣe lè gbé e lọ sí ọ̀run àpáàdì, ṣùgbọ́n ibi kékeré yẹn gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ti tọ́jú ara rẹ̀ yóò so èso rẹ̀ tán láyé níbí, débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní hàn. Ó sọ ìdí tó fi ṣe àlàyé yìí. Ó ní bó bá jẹ́ pé bí ènìyàn ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe jẹ ẹ́, kò ní sí àǹfààní kankan nínú ìgbésí ayé ìwà mímọ́, nítorí pé gbèsè ti wà nílẹ̀, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i. Ohun tó sọ ni pé ìṣe kọ̀ọ̀kan ní irú èso tó ń bí, ṣùgbọ́n bí èso náà yóò ti korò tó, ọwọ́ bí ènìyàn náà ṣe rí nígbà tí èso bá dé ló wà.

Ṣé kámà náà ni a ń pè ní àyànmọ́?

Rárá. Àkúnlẹ̀yàn jẹ́ ohun tí a yàn lọ́run kí a tó délé ayé. Kámà jẹ́ ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́, tí ojoojúmọ́ sì ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò.

Ṣé wọn kò fi ẹ̀kọ́ yìí tẹ àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ ní Íńdíà?

Wọ́n fi í tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fara kàn, pé ìwà wọn ní ayé àtijọ́ ló bí wọn sí ipò náà, pé kí wọ́n fara dà á. Ọ̀kan nínú wọn ni Ambedkar, tí wọ́n bí ní ọdún 1891, tó kàwé di agbẹjọ́rò, tó sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin orílẹ̀-èdè Íńdíà. Nígbà tó ń yíjú sí ẹ̀kọ́ Búdà, kò gba ọ̀rọ̀ kámà wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀kọ́ pé ìṣe ayé àtijọ́ ló ń pinnu ipò ènìyàn lè wúlò fún ni kí ìjọba àti àwùjọ lè bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe wọn sí àwọn tálákà. Ìṣe àti èso rẹ̀ láyé tí a wà yìí ló fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 1956, ó gba ẹ̀sìn Búdà nílùú Nágípù, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èrò sì bá a gbà á.

Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Búdà kò bá a lọ délẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àtúnwáyé. Lójú tèmi, ohun tó bá jà yẹ ní ohun tí a ń bá jà. Nígbà tí ẹni tó jẹ gàba lé ẹlòmíràn lórí bá ní kámà ló fi onítọ̀hún síbẹ̀, ó ti gbàgbé láti béèrè irú kámà tí òun fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ nípa bí ó ṣe ń lò ó.

Bí wọ́n bá wá sọ fún aláìsàn pé kámà rẹ̀ ló ń jẹ ńkọ́?

Ìwé òfin àwọn mọ́ńkì Búdà sọ ohun tí Búdà ṣe níwájú aláìsàn. Ó ń rìn kiri ilé àwọn mọ́ńkì pẹ̀lú Ànáńdà ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ó sì bá mọ́ńkì kan tí ìgbẹ́ gbuuru dá gúnlẹ̀, tó dùbúlẹ̀ sínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ara rẹ̀. Ó bi í pé kí ló ń ṣe é, ó sì bi í pé ṣé ó ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kò sí, nítorí pé òun kì í ṣe nǹkan kan fún àwọn mọ́ńkì yòókù. Búdà rán Ànáńdà lọ pọn omi. Búdà da omi náà, Ànáńdà wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì jọ gbé e sórí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn mọ́ńkì jọ, ó ní ẹ kò ní ìyá níhìn-ín, ẹ kò sì ní bàbá, bí ẹ kò bá tọ́jú ara yín, ta ni yóò tọ́jú yín? Ó ní ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú òun, kí ó tọ́jú aláìsàn.

Ọkùnrin náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ okùnfà kan: kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó mú kámà bí ìyà ì bá ti ní ó tọ́ sí i. Búdà kò sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó fi í sílẹ̀ ló bá wí.

Ǹjẹ́ ètùtù tàbí ẹ̀bẹ̀ lè pa kámà rẹ́?

Nínú ẹ̀kọ́ Búdà, kò sí ẹni tí a óò bẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí a ṣẹ̀ tó ń di ẹjọ́ mú. Ẹ̀dùn ọkàn nìkan kò sì tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe. Ohun tí wọ́n ní kí ènìyàn ṣe ni kí ó gbà pé òun ṣe é, kí ó jáwọ́ níbẹ̀, kí ó sì máa fi ìfẹ́ àti àánú kún ọkàn rẹ̀ títí omi tí iyọ̀ bọ́ sí yóò fi pọ̀.

Ángúlímálà ni ẹni tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ èyí. Ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ń fi ìka wọn ṣe ẹ̀gbà ọrùn, kí ó tó pàdé Búdà tó sì di mọ́ńkì. Ọba ilẹ̀ náà bá a níbi tó jókòó sí, kò sì fi ọwọ́ òfin mú un. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń tọrọ oúnjẹ láàárín ìlú lọ́jọ́ kan, òkò bà á, igi bà á, orí rẹ̀ bẹ́, àwo rẹ̀ fọ́, aṣọ rẹ̀ sì ya. Nígbà tó dé iwájú Búdà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú, Búdà ní kí ó fara dà á, pé èso ìṣe tí ì bá jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀run àpáàdì ló ń jẹ láyé níhìn-ín yìí. Ìwé náà kò sọ pé wọ́n dárí jì í, kò sì sọ pé wọ́n gbẹ̀san lára rẹ̀. Ó ti dé òpin ọ̀nà tí Búdà ń kọ́ni kí òkò tó bà á, ó sì padà sí ibi àṣàrò rẹ̀.